Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Epo tí ẹ̀rọ yà

Ká ní ìyá elépo kan ní Pobè ní kí ọgbọ́n àtọwọ́dá ya epo pupa fún ìpolówó òun. Epo inú àwòrán ń dán gbinrin, kò ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rárá. Oníbàárà sanwó láti Kùtọnù, èyí tó bá a nílé sì ti dì nísàlẹ̀ ike. Epo gidi ni o, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó rí. Ṣé yóò tún padà wá rà?

Ní 2024, Meta tó ni Fesibúùkù bẹ̀rẹ̀ sí lẹ "Made with AI" mọ́ irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ fọ́tò ráhùn pé ó ń lẹ̀ mọ́ fọ́tò gidi tí wọ́n kàn tún ṣe díẹ̀, ni Meta bá yí i sí "AI info" ní oṣù Keje. Àmì tó fara pamọ́ sínú fáìlì ni wọ́n sábà ń kà. Bí ẹnìkan bá ya ojú fóònù rẹ̀, fáìlì tuntun nìyẹn, àmì náà sì lè má bá a lọ. Ẹ má rò pé fọ́tò gidi ni gbogbo èyí tí kò ní àkọlé.

Nítorí náà, ẹ kọ "Ẹ̀rọ ló ya èyí" sára àwòrán gan-an, kó tóbi tó iye owó. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán lè já sọ́nà bí wọ́n bá ń pín in. Bí ẹ̀rọ bá ya ẹ̀yìn àwòrán nìkan, àkọlé náà tó. Bó bá jẹ́ epo fúnra rẹ̀ ló yà, kò tó lójú tèmi: ẹ fi fọ́tò epo yín tì í, tí ẹ yà lójú ọ̀sán, tòun ti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀.