Bí A Ṣe Ń To Ọ̀rọ̀ Àwọn Aláró ní A-B-D

Ẹni tó bá ń ka ìwé nípa àdìrẹ sábà máa ń bá ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà pàdé nínú ìpínrọ̀ kan níbẹ̀rẹ̀ ìwé. Ó kà á, ó yé e, ó kọjá lọ. Nígbà tó bá dé àárín ìwé tó tún rí “ìko”, ó ti gbàgbé, yóò sì máa wá ìpínrọ̀ náà láti òkè délẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣètò ìwé fi ń tú irú ìpínrọ̀ bẹ́ẹ̀ palẹ̀, tí wọ́n á to ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ní a-b-d, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á ní ìlà tirẹ̀. Ó jọ iṣẹ́ kékeré, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti le. Ìpínrọ̀ tí mo kọ fún àpẹẹrẹ nìyí:

“Àdìrẹ ni aṣọ tí a dì tàbí tí a bo ojú rẹ̀ níbì kan kí a tó rẹ ẹ́, kí aró má baà dé ibẹ̀. Ohun tí a fi ẹ̀lú ṣe ni aró. Ẹ̀lú sì ni igi tí a ń fi ewé rẹ̀ ṣe aró. A ó gún ewé yìí, ìyẹn lílù nínú odó, a ó sì ṣù ú. Eérú ni ohun tó kù lẹ́yìn tí igi bá jóná. Omi rẹ̀ la fi ń pò ó. Oríṣi àdìrẹ méjì ló wọ́pọ̀. Oníko ni èyí tí a fi ìko dì. Ti èkejì, ẹlẹ́kọ, yàtọ̀ sí i: ẹ̀kọ la fi ń ya àwòrán sí i. Tí aṣọ bá jáde nínú aró, a ó gbọ̀n ọ́n kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i.”

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kì í ṣe èyí tí òǹkọ̀wé túmọ̀ nìkan. Tí a bá wá “ni” àti “ìyẹn” kiri, a ó rí àdìrẹ, aró, ẹ̀lú, gún, eérú àti oníko kíákíá. Ṣùgbọ́n ìko, ẹ̀kọ àti ṣù wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò túmọ̀ wọn. Ẹ̀kọ ló léwu jù, torí pé olúkálùkù rò pé òun mọ̀ ọ́n. Ẹni tó jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀ yóò rò pé ohun tó jẹ ni a fi ń ya aṣọ, bẹ́ẹ̀ láfún ni àwọn aláró ń rò fún ti àdìrẹ. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, tó ní ìtumọ̀ kan nílé tó sì ní òmíràn lẹ́nu iṣẹ́, gbọ́dọ̀ wọ inú àkójọ. Odó kò nílò rẹ̀.

Kí a wá kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí bébà tirẹ̀. Ibí yìí ni ìtumọ̀ ti máa ń já. Nínú ìpínrọ̀, gbólóhùn kan fi ẹ̀yìn ti èyí tó ṣáájú. “Ti èkejì, ẹlẹ́kọ, yàtọ̀ sí i”: èkejì sí kí ni? “Omi rẹ̀ la fi ń pò ó”: kí ni a ń pò? Tí gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bá dá dúró lórí bébà, kò sọ ohunkóhun. Nítorí náà, gbogbo “rẹ̀”, “èyí”, “yìí” àti “èkejì” tó ń tọ́ka sí ìta gbọ́dọ̀ di orúkọ ohun tí wọ́n dúró fún. Ọ̀nà tí a fi lè dán an wò ni pé kí a fún ẹni tí kò rí ìpínrọ̀ náà ní bébà kan ṣoṣo. Tó bá béèrè pé “Kí ni ‘rẹ̀’ yẹn?”, iṣẹ́ ṣì kù.

Àṣìṣe mìíràn wà tí ìpínrọ̀ ń bò mọ́lẹ̀. Aró ni ohun tí a fi ẹ̀lú ṣe, ẹ̀lú sì ni ohun tí a fi ń ṣe aró. Nígbà tí wọ́n wà nínú ìpínrọ̀ kan náà, ó dùn gbọ́. Tí a bá yà wọ́n sọ́tọ̀, òǹkàwé yóò wo aró, wọn yóò ní kó wo ẹ̀lú; yóò wo ẹ̀lú, wọn yóò dá a padà sí aró. Ọ̀kan nínú méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kanlẹ̀ lórí ohun tí ojú ń rí. Ẹ̀lú ni mo yàn, torí pé a lè sọ bó ṣe rí nínú igbó láìdárúkọ aró.

Ó kù bí ìtumọ̀ ṣe máa bá ọ̀rọ̀ mu. Orúkọ ni kó túmọ̀ orúkọ, ìṣe ni kó túmọ̀ ìṣe. “Gún: lílù nínú odó” kò tọ́, “gún: lu nǹkan nínú odó” ló tọ́, kí òǹkàwé lè fi ìtumọ̀ rọ́pò ọ̀rọ̀ náà nínú gbólóhùn.

Nípa títò wọn, lẹ́tà 25 ni ábídí wa, a kò sì gbọdọ̀ fi ti Gẹ̀ẹ́sì tò ó. Ẹ dá dúró lẹ́yìn e, ọ lẹ́yìn o, ṣ lẹ́yìn s. Nítorí náà, ewúrẹ́ ló ṣáájú ẹja. Lẹ́tà kan ni gb, lẹ́yìn g ló sì wà: gún ṣáájú gbọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì yóò yí wọn padà. A kì í ka àmì ohùn sí nígbà tí a bá ń tò, àyàfi tí ọ̀rọ̀ méjì bá ní lẹ́tà kan náà látòkè délẹ̀, bí ìlù àti ìlú. Kí a yan èyí tó máa ṣáájú, kí a má sì yí i padà. Kọ̀ǹpútà tí a kò bá sọ fún pé Yorùbá ni yóò da ẹ pọ̀ mọ́ e, tàbí kó gbé e lọ sẹ́yìn z. Gb ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò: tí gbọ̀n bá ṣáájú gún, ètò Gẹ̀ẹ́sì ló lò.

Ohun tó jáde nìyí:

àdìrẹ: aṣọ tí a dì tàbí tí a bo ojú rẹ̀ níbì kan kí a tó rẹ ẹ́, kí aró má baà dé ibẹ̀.
àdìrẹ ẹlẹ́kọ: àdìrẹ tí a fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí lára.
àdìrẹ oníko: àdìrẹ tí a fi ìko dì.
aró: omi tí a fi ewé ẹ̀lú àti omi eérú pò láti pa aṣọ láró.
eérú: ohun tó kù lẹ́yìn tí igi bá jóná.
ẹ̀kọ: láfún tí a rò, tí kì í jẹ́ kí aró wọ ibi tí a bá fi yà.
ẹlẹ́kọ: wo *àdìrẹ ẹlẹ́kọ*.
ẹ̀lú: igi tó máa ń fà gun igi mìíràn, tí ewé rẹ̀ máa ń yọ àwọ̀ búlúù.
gún: lu nǹkan nínú odó.
gbọ̀n: mi aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, kí àwọ̀ ewé ara rẹ̀ lè di búlúù.
ìko: okùn tín-ín-rín tí a bó lára ewé ọ̀pẹ ògùrọ̀.
oníko: wo *àdìrẹ oníko*.
ṣù: fi ọwọ́ ro ewé tí a gún di roboto.

Mo fi ẹlẹ́kọ àti oníko síbi méjì nítorí pé orúkọ tí àwọn oníṣòwò ń pè é lọ́jà nìyẹn, ibẹ̀ ni òǹkàwé yóò sì kọ́kọ́ wá. Mo ní láti fi ọ̀rọ̀ kún gbọ̀n, torí pé ìpínrọ̀ kò sọ ohun tí atẹ́gùn ń ṣe. Ohun kan ṣoṣo ni àkójọ yìí kò lè gbé: ètò iṣẹ́. Nínú ìpínrọ̀, a gún, a ṣù, a pò, a rẹ, a gbọ̀n. Nínú a-b-d, gbọ̀n ti ṣáájú ṣù, bẹ́ẹ̀ òun ló kẹ́yìn nídìí ìkòkò. Nítorí náà ni mo ṣe fi ìpínrọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ìwé, tí mo sì fi àkójọ sẹ́yìn.