Ẹni Tó Wọlé Kẹ́yìn Ló Ń Kọ́kọ́ Jáde: Bí A Ṣe Ń To Èèyàn Wọlé Níbi Ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè



Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀kan nínú yín pè mí. Wọ́n ti fi í sínú ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè níbi iṣẹ́ rẹ̀, títo àwọn olùkọ́ wọ gbọ̀ngàn ni wọ́n sì gbé lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Prọ́f, ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló yẹ kó ṣíwájú?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìbéèrè yẹn gan-an ló máa ń kó bá wa. Ẹni tó máa wọlé kẹ́yìn ni kí o kọ́kọ́ wá."

Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ kọ síbí.

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ẹni tí ipò rẹ̀ kéré jù ló ń ṣáájú. Àwọn olùkọ́ kéékèèké á wọlé, àwọn olùkọ́ àgbà á tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn díìnì, àwọn òṣìṣẹ́ àgbà, àti ìgbìmọ̀ aláṣẹ. Gíwá á wá wọlé, alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ á tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn wọn ni ẹni tó gbé ọ̀pá àṣẹ, Ṣánsẹ́lọ̀ á sì wà lẹ́yìn ọ̀pá náà. Bí Físítọ̀ bá wá fúnra rẹ̀, ìyẹn ààrẹ fún yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tàbí gómìnà fún ti ìpínlẹ̀, òun ló máa kẹ́yìn. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, ó lè yàtọ̀ díẹ̀ láàárín, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kan náà ni: ẹni tí gbogbo ilé máa dìde fún kò gbọ́dọ̀ dé kí ó bá àga òfo. Nígbà tí a bá ń jáde, ó di òdìkejì. Ẹni ńlá á kọ́kọ́ jáde, ọ̀pá àṣẹ ṣì wà níwájú Ṣánsẹ́lọ̀, ẹni kékeré ló máa kẹ́yìn.

Ìyẹn rọrùn láti sọ. Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́ ni orí àga.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní olùkọ́ 96 ló máa tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, méjì méjì, ìyẹn ọ̀wọ́ 48. Gbọ̀ngàn náà ní ọ̀nà kan láàárín, àga 12 wà lápá ọ̀tún àti 12 lápá òsì ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà mẹ́rin ni wọn máa kún. Ìlà kìíní ló sún mọ́ pèpéle jù, ẹnu ọ̀nà ńlá tó wà lẹ́yìn ni wọ́n ń gbà wọlé. Ọ̀wọ́ 12 àkọ́kọ́ ló ni ìlà kẹrin. Bí ọ̀wọ́ tó ṣíwájú bá dé ẹnu ìlà náà, ẹnì kan yà sọ́tùn-ún, ìkejì yà sósì, àwọn méjèèjì á rìn títí dé ìdí ògiri kí wọ́n tó dúró. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn á dúró ti ẹ̀gbẹ́ wọn, títí ẹni kejìlá á fi wà létí ọ̀nà. Nígbà náà ni ọ̀wọ́ kẹtàlá á kọjá lára wọn lọ sí ìlà kẹta.

Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó wọlé kẹ́yìn nínú ìlà kọ̀ọ̀kan ló wà létí ọ̀nà, ìlà tó kún kẹ́yìn ló sì wà níwájú. Nígbà tí a bá ń jáde, ìlà kìíní á bẹ̀rẹ̀ láti etí ọ̀nà, ètò náà á sì yí ara rẹ̀ padà láìsí pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ. Ó dà bí abọ́ tí a tò léra: èyí tí a gbé sókè kẹ́yìn la máa kọ́kọ́ mú.

Mo ti rí ọdún tí kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi náà wà lára àwọn tó ń darí ìlà lọ́jọ́ náà, nítorí náà ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Ọ̀wọ́ tó ṣíwájú rí àga létí ọ̀nà, wọ́n sì jókòó síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ìdí ògiri ni kí wọ́n lọ. Gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé wọn wá ń gun orúnkún èèyàn kọjá. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbàlagbà kan wà nínú ìlà náà tó ń fi ọ̀pá rìn. Aṣọ oyè rẹ̀ há mọ́ àga, díẹ̀ ló kù kó ṣubú níṣojú gbogbo ayé. Nígbà tí a ń jáde, àwọn ọmọdé tó wà létí ọ̀nà ti lọ, òun ṣì wà nídìí ògiri tó ń dúró. Baba náà kò bínú sí mi lójú, ṣùgbọ́n wọn ò tún bá wa tò mọ́. Láti ọdún yẹn ni mo ti máa ń fi ẹnì kan dúró sẹ́nu ìlà kọ̀ọ̀kan, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kó máa nawọ́ sí ògiri.

Ohun kejì ni gígùn ìlà. Bí àlàfo mítà kan ààbọ̀ bá wà láàárín ọ̀wọ́ kan àti ìkejì, ọ̀wọ́ 48 máa gba bíi mítà 72. Bí ibi tí wọ́n ti ń dúró kò bá gùn tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á ká jọ, wọ́n á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, ètò á sì ti dàrú kí ìlù tó dún. Ẹ lọ wọn ibẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Ohun kẹta ni ta ló ju ta lọ láàárín àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Nílé wa, ọjọ́ orí là ń wò. Níbí, ọjọ́ tí èèyàn di ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Ẹni ọdún 50 lè wà lẹ́yìn ẹni ọdún 65 nínú ìlà, kí ó sì jẹ́ pé òun ló ṣáájú nínú oyè. Ẹ kọ orúkọ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì fi han àwọn tó ni ín. Ẹni tó bá ní ipò méjì, ipò tó ga jù ló máa bá rìn.

Àwọn ọba tó wá bí àlejò, ẹ má tò wọ́n sínú ìlà yìí rárá. Ẹ mú wọn jókòó ṣáájú, kí ẹ sì ti béèrè ètò àga wọn lọ́wọ́ ààfin. Àwọn òbí náà á ti jókòó, kí àwọn tó ti dàgbà wà létí ọ̀nà, nítosí ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́.

Ìyá kan bi mí rí pé, "Ọ̀gá, ṣebí ọmọ mi ló ni òní, kí ló dé tí òun kọ́kọ́ wọlé bí ẹni tí ò ní láárí?" Ìbéèrè gidi ni. Níbi ìsọmọlórúkọ, lọ́jọ́ kẹjọ, àwọn àgbà á ti jókòó kí wọ́n tó gbé ọmọ jáde sí wọn, nítorí ọmọ ni àlejò tuntun tí ilé ń dúró dè. Níbi ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè, yunifásítì ni ilé, ọmọ ló ń dúró kí ilé pé jọ. Títí Ṣánsẹ́lọ̀ fi máa kéde oyè náà lé e lórí, kò tíì gbà á. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá náà. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó jókòó sídìí ògiri."