Gùn àti Gígùn: Orin Ìfaraṣe ní Kíláàsì Kìíní àti Ìkejì

Ọ̀rọ̀-orúkọ kì í fún tíṣà kíláàsì kìíní ní wàhálà. Bí ó bá lé e pé 'Orí dà?', àwọn ọmọ á fọwọ́ kan orí, wọ́n á sì gbè é pé 'Orí rèé!' Ọ̀rọ̀-ìṣe náà rọrùn: ẹni tó bá gbọ́ 'fò' ni kó fò. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni nǹkan ti máa ń dojú rú, ibẹ̀ ni n ó sì dúró sí.

Ohun tó ń fà á ni pé ọ̀pọ̀ tíṣà ń fi ojú gírámà Gẹ̀ẹ́sì wo Yorùbá. Wọ́n á ní kí àwọn ọmọ la apá, kí wọ́n kọrin pé 'Ọ̀pá gùn', wọ́n á sì ní ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni 'gùn'. Bẹ́ẹ̀ kọ́. A lè wí pé 'Ọ̀pá kò gùn' gẹ́gẹ́ bí a ti ń wí pé 'Ọ̀pá kò ṣubú', ṣùgbọ́n ta ni yóò wí pé 'Ọ̀pá kò gígùn'? Ọ̀rọ̀-ìṣe ni 'gùn'; ibẹ̀ náà ni Awóbùlúyì fi irú rẹ̀ sí nínú ìwé gírámà rẹ̀ ti 1978. 'Gígùn', tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-orúkọ, ni ọ̀rọ̀-àpèjúwe.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí orin ṣe lè fi èyí hàn. Kí tíṣà gbé ọ̀pá méjì síwájú, ọ̀kan gùn, èkejì kúrú. Kí ó wá lé e báyìí:

Lílé: Ọ̀pá dà o?
Ègbè: Ọ̀pá rèé!
Lílé: Ọ̀pá wo ni?
Ègbè: Ọ̀pá gígùn ni!

Ní 'ọ̀pá', ọwọ́ ọ̀tún á nà sí ọ̀pá. (Kí ó má ṣe jẹ́ òsì, nítorí àwọn òbí kò ní í gbà.) Ní 'gígùn', ọ̀tún kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀, òsì nìkan ni yóò là gbọọrọ. Ṣùgbọ́n bí orin bá kan 'Ọ̀pá gùn', ọ̀tún á kúrò lára ọ̀pá, apá méjèèjì á sì là. Ọmọ á tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé 'gígùn' kì í fi ọ̀rọ̀-orúkọ sílẹ̀. Kò tíì yẹ kí a dárúkọ gírámà kankan fún un.

Àwọn ọmọ mìíràn á kàn máa wo ẹnìkejì wọn. Ẹ ó mọ̀ wọ́n, nítorí ọwọ́ wọn máa ń pẹ́ díẹ̀. Ẹ ní kí gbogbo wọn dijú, kí ẹ sì pe 'ga' àti 'gíga', tí kò sí nínú orin náà.

Ohùn orin pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì, 'igbá' lè di 'igba' lẹ́nu ọmọ. Ohùn tó bá ti ara ọ̀rọ̀ jáde ló dára.

Ibì kan wà tí ọ̀nà yìí kò dé. Ọmọ tó mọ nǹkan lè dáhùn 'Ọ̀pá wo ni?' pé 'Ọ̀pá irin ni!' Ìdáhùn náà tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ ni 'irin'. Kí tíṣà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó ní kí ó fọwọ́ kan irin mìíràn nínú kíláàsì, kí orin sì máa lọ.