Bí A Ṣe Lè Sùn Dáadáa Nínú Yàrá Tó Ń Móoru

Ilẹ̀ ti ṣú, ooru kò lọ. Ní ìlú bí Èkó, pàápàá ní oṣù Kẹta, ògiri búlọ́ọ̀kù tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀ ni yóò máa tú ooru sínú yàrá wa títí di ọ̀gànjọ́. Bí a bá ti fèrèsé tí a tan fáànù, afẹ́fẹ́ gbígbóná yẹn náà ló kàn ń rò pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú yàrá tó ní fèrèsé 2. Lọ́sàn-án, a ó fi kọ́tìnì bo èyí tí oòrùn ń gbà wọlé. Lálẹ́, bí a bá na ọwọ́ síta tí a rí i pé ìta ti tutù ju inú ilé lọ, a ó ṣí méjèèjì, a ó sì kọ ojú fáànù síta lẹ́nu ọ̀kan. Bó ṣe ń ti ooru jáde, afẹ́fẹ́ tútù yóò máa gba èkejì wọlé. Tí a bá fẹ́ sùn, a ó dá ojú rẹ̀ padà sí ara wa.

Àwọn kan máa ń sá aṣọ tútù sínú yàrá. Ìyẹn dára nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Ní àsìkò yìí, afẹ́fẹ́ ti lọ́rinrin jù. Òógùn kò ní tètè gbẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni gbígbẹ òógùn ló ń mú ara tutù.

Ẹ bọ́ ọ̀rá kúrò lára fóòmù, kí ẹ tẹ́ aṣọ òwú fẹ́lẹ́ sí i. Ẹ má torí ooru ká nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn; ẹ jẹ́ kí fáànù máa fẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí ara ọmọdé tàbí arúgbó bá gbóná janjan, tó sì ń sọ ìsọkúsọ tàbí tí kò ṣeé jí, ẹ fi omi nù ún lára, kí ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn.