Aago Párísì Nínú Ọjà Mísẹ̀bó

Ọ̀rọ̀ ọjà tòní kan ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣètò fóònù tàbí kọ̀ǹpútà pé kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan ń ta aṣọ òkìríkà ní Mísẹ̀bó, ní Kútọnu. Aago méje àárọ̀ Mọ́ńdè ló máa ń tú ìdì aṣọ tuntun. Ó ti ṣètò pé bó bá ti di aago méje, kí ọ̀rọ̀ yìí jáde: "Mo ti ń tú ìdì o, ẹ máa bọ̀." Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ní Mọ́ńdè, 30 oṣù kẹta 2026, aago mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ náà jáde. Àwọn oníbàárà gun zémì dé, wọ́n bá ṣọ́ọ̀bù ní títì, ni wọ́n bá ra ọjà ti aládùúgbò. Kí ló fà á?

Nígbà tí wọ́n ń ṣètò aago, orúkọ ìlú la máa ń yàn. Nítorí pé èdè Faransé la fi ń ka fóònù, ẹlòmíì á kàn yan Párísì. Nígbà òtútù wọn, aago Párísì àti tiwa dọ́gba, àṣìṣe náà kò lè hàn. Àmọ́ ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù kẹta, wọ́n á ti aago wọn síwájú ní wákàtí kan. Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Nítorí náà, méje ti Párísì di mẹ́fà tiwa. Ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, wọ́n á dá a padà, ẹ ó sì rò pé ó ti tún ara rẹ̀ ṣe. Kò tún nǹkan kan ṣe o, ó kàn sá pamọ́ ni.

Ẹni tó yan Lọ́ńdọ̀nù, òdìkejì ni tirẹ̀. Nígbà ooru wọn, ó bá tiwa mu; láti ìparí oṣù kẹwàá, aago mẹ́jọ ni ọ̀rọ̀ á máa jáde. Ti Lómé ní tirẹ̀ fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa lójoojúmọ́, nítorí náà ọjọ́ kìíní lẹ ó ti mọ̀.

Báwo la ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ má wo nọ́ńbà nìkan, torí nígbà òtútù, GMT+1 ni Párísì náà máa ń hàn. Orúkọ ìlú ni kí ẹ wò: `Porto-Novo` tàbí `Lagos` ló yẹ kó wà níbẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, `Africa/Porto-Novo` ni. Ẹ wò ó nínú ètò tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ gan-an, torí aago ojú fóònù lè tọ̀nà kí ti inú ètò náà má tọ̀nà. Bí ẹ bá sì dán an wò ní oṣù kejì tó ṣiṣẹ́, ìyẹn ò fi hàn pé á ṣiṣẹ́ ní oṣù kẹrin.