Òru Sátidé Wo Lẹ Ń Sọ?

Ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ ọ̀sán ní wọ́ọ̀dù wa ti fọwọ́, ó ti kọ ìròyìn àwọn aláìsàn sílẹ̀, ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń retí ẹni tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rí ẹnì kankan. Aago mẹ́sàn-án lù, mẹ́wàá lù. Nọ́ọ̀sì kì í kàn fi aláìsàn sílẹ̀ kó máa lọ, ló bá gbé báàgì kalẹ̀ padà. Ó ku díẹ̀ kí aago méjìlá lù kí a tó rí ẹnì kan yá láti wọ́ọ̀dù mìíràn.

Èmi ni mò ń ṣètò dúútì wọ́ọ̀dù náà nígbà yẹn, èmi ni wọ́n sì kọ́kọ́ pè. Nígbà tí mo wádìí ọ̀rọ̀, mi ò rí ọ̀lẹ kankan níbẹ̀. Ẹni tó ni iṣẹ́ ti bẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Jọ̀ọ́, bá mi ṣe òru Sátidé." Onítọ̀hún gbà. Ó sì wá lóòótọ́, àmọ́ alẹ́ Jímọ̀ ló wá, torí lójú tiẹ̀, òru tí ilẹ̀ Sátidé máa tìdí ẹ̀ mọ́ ni òru Sátidé. Ó bá ẹlòmíràn lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ó bínú padà sílé, ó sì pa fóònù. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ẹni tó bẹ̀ ẹ́ ń sùn ní tiẹ̀, ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Bẹ́ẹ̀ èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ tó lè yanjú ẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ká ní ó sọ pé "alẹ́ Sátidé mọ́jú Sọ́ńdè" ni, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe máa ṣì í gbọ́.

Rọ́sítà tí à ń lò nígbà náà jẹ́ bébà kan lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ó máa ń mọ́ tónítóní. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, bíírò pupa ti fagi lé búlúù, ẹnì kan ti fi ọfà fa orúkọ kan lọ sí apá kejì, ọbẹ̀ ẹnì kan sì ti ta sí igun. Kálukú ti ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù ní ọjọ́ tó wù ú. Ẹni tó yà á lọ́jọ́ kejì oṣù àti ẹni tó yà á lọ́jọ́ kẹwàá ń tẹ̀lé ìwé méjì, wọ́n sì rò pé ìwé kan náà ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e sórí Google Sheets, níbi tí gbogbo wa á ti máa wo ìwé kan ṣoṣo. Atẹ́jíṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́ lórí Wáàsáàpù kò ju ohun tí ojú fóònù kan lè gbà lọ:

"Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́. Láti Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, rọ́sítà tó wà ní línkì ìsàlẹ̀ yìí nìkan la ó máa tẹ̀lé. Mo máa yọ ti ara ògiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya fọ́tò rẹ̀, ẹ máa ṣí i. Orúkọ ọjọ́ tí iṣẹ́ òru bẹ̀rẹ̀ la fi ń pè é: òru Jímọ̀ ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ Jímọ̀ tó sì mọ́jú Sátidé. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ dúútì, kó kọ́kọ́ bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ ọ́. Kí ẹ̀yin méjèèjì wá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú. Bí orúkọ kò bá tíì yí padà nínú rọ́sítà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló ni iṣẹ́ náà."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló kó gbogbo rẹ̀ já. Láàárín ìgbà tí ẹni méjì ṣàdéhùn àti ìgbà tí mo fọwọ́ sí i, àlàfo kan wà tí iṣẹ́ lè já sí. Tí a ò bá sọ ẹni tó ni iṣẹ́ nínú àlàfo yẹn, àwọn méjèèjì máa sùn sílé. Ìdí tí mo sì fi ní kí àwọn méjèèjì kọ̀wé ni pé "ó ní òun ti gbà" kì í ṣe ẹ̀rí.

Àwọn kan bínú pé mo fi àwọn sí Viewer, tó fi jẹ́ pé wọ́n lè wo rọ́sítà ṣùgbọ́n wọn ò lè tọwọ́ bọ̀ ọ́. Èmi àti igbákejì mi nìkan ni Editor. Kì í ṣe pé mi ò fọkàn tán wọn. Àtàǹpàkò tó ń wá orúkọ lójú fóònù kékeré lè pa orúkọ ẹlòmíràn rẹ́, kí ẹni tó ni ín má sì mọ̀. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ sí àwa méjì, Version history máa fi ẹni tó ṣe é àti aago tó ṣe é hàn, a ó sì dá a padà.

Ẹ̀dùn mìíràn ni pé kí ló dé tí mo ní láti fọwọ́ sí ohun tí àgbà méjì ti jọ sọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ lóṣù àkọ́kọ́. Ìyá Ìbejì ní òru Jímọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn odi, àárọ̀ Sátidé ló máa dé, kò sì sí ẹni tó máa sun ilé ti àwọn ọmọ. Ìyàwó tuntun kan ní wọ́ọ̀dù wa ní òun á bá a ṣe é, kó bá òun ṣe àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ọ̀kan fún ọ̀kan, ó dà bíi pé ó dọ́gba.

Mo ṣí rọ́sítà. Ọ̀sán Sátidé wà lọ́rùn ìyàwó yìí tẹ́lẹ̀. Tó bá ṣe òru Jímọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé ló máa kúrò, aago méjì ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà ló sì máa wọlé padà. Wákàtí mẹ́fà péré, nínú èyí tó máa wọ ọkọ̀ lọ, wọ ọkọ̀ bọ̀, wẹ̀, jẹun. Ó máa ṣòro kó rí wákàtí mẹ́ta sùn, òun náà ló sì máa wọn oògùn sínú abẹ́rẹ́ lọ́sàn-án. Ìmọ̀ràn tí àjọ ILO gbé jáde lórí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọdún 1977 ní kí ìsinmi láàárín dúútì méjì má dín sí wákàtí 12. Torí náà, mi ò kì í wo dúútì tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ nìkan. Mo máa ń wo èyí tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, fún àwọn méjèèjì.

Ó ku ọ̀kan. Lọ́dọ̀ wa, wákàtí mẹ́fà ni iṣẹ́ àárọ̀, wákàtí 12 ni iṣẹ́ òru. Tí wọ́n bá fi ọ̀kan pààrọ̀ ọ̀kan, ìyàwó máa fi wákàtí mẹ́fà ta Ìyá Ìbejì lọ́rẹ. Àṣìṣe méjèèjì yìí ní oògùn kan náà: kí Ìyá Ìbejì gba ọ̀sán Sátidé àti àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, mẹ́fà àti mẹ́fà, kí ìyàwó gba òru Jímọ̀, kó sì lọ sùn. Ọkọ á ti dé kí ọ̀sán Sátidé tó pé, Ìyá Ìbejì kò sì níṣẹ́ kankan ní Sọ́ńdè. Àwọn méjèèjì kọ̀wé ránṣẹ́, mo yí orúkọ mẹ́ta padà, ó tán.

Àìsàn òjijì kò sí lára èyí o. Ẹni tí ibà gbé dè kì í wá ẹni tó máa pààrọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó máa pe fóònù ni, èmi ni mo máa wá èèyàn.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní wọ́ọ̀dù kò ní fóònù tó lè ṣí i, kò sì fẹ́ rà á. A ń tẹ ẹ̀dà kan fún un ní gbogbo Ọjọ́ Ajé, a ó kọ ọjọ́ àti aago tí a tẹ̀ ẹ́ sókè rẹ̀ gàdàgbà. Tí ohunkóhun tó kan án bá yí padà láàárín ọ̀sẹ̀, mo máa ń pè é. Tí Ọjọ́ Ajé mìíràn bá dé, ó máa mú ti tẹ́lẹ̀ wá, á ya á níwájú mi, kó tó gba tuntun.