Sọ́jì Kì í Ṣe Sítábíláísà

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ẹ̀rọ iná lọ́jà Àlàbá ní Òjó, tó ní òun ń wá ohun tí kò ní jẹ́ kí iná ba fíríìjì òun jẹ́, nǹkan méjì ló ṣeé ṣe kí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n gbọọrọ tó ní ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí gbogbo ayé ń pè ní sọ́jì. Èkejì ni àpótí irin kan tó wúwo, tí nọ́ńbà ń tàn lójú rẹ̀, ìyẹn sítábíláísà. Owó wọn jìnnà síra gan-an. Ọ̀pọ̀ oníbàárà a wo owó, wọn a mú èyí tó pọ́ọ́kú, wọn a sì gbà pé iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ohun tó ń pa fíríìjì nínú ọ̀pọ̀ ilé lórílẹ̀-èdè yìí, sọ́jì kì í mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀ rárá.

Fólíìtì 230 ló yẹ kí iná ìjọba máa wọlé pẹ̀lú ní Nàìjíríà. Bó bá fi díẹ̀ lé tàbí tó fi díẹ̀ dín, kò sí ìyọnu. Àmọ́ ọ̀nà méjì ni ìyọnu máa ń gbà wá, ìyàtọ̀ àárín ọ̀nà méjèèjì náà ló sì ya ẹ̀rọ méjèèjì yìí sọ́tọ̀. Èkíní ń rọra wá, ó sì ń pẹ́ nílé. Nígbà tó bá di aago mẹ́jọ alẹ́, tí gbogbo àdúgbò tó wà lórí tiransífọ́mà kan tan éésì, tí wọ́n ń lọṣọ, tí wọ́n ń fa omi, iná tó dé ilé tó wà ní ìparí wáyà lè má ju fólíìtì 150 lọ. Gílóòbù á ṣe báìbáì, fáànù á máa fà. Àwọn èèyàn á ní háàfù kọ́rẹ́ǹtì ni NEPA mú wá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀gànjọ́ òru, kó tó wá gòkè nígbà tí àwọn èèyàn bá ti sùn.

Ọ̀nà kejì kì í pẹ́ rárá. Àrá lè sán lu òpó iná tàbí ìtòsí rẹ̀, kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólíìtì sì gba ojú wáyà kọjá láàárín àkókò tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìwọ̀nba irú rẹ̀ máa ń wáyé pẹ̀lú nígbà tí wọ́n bá mú iná dé tàbí tí wọ́n mú un lọ lójijì. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti parí, ó sì ti lè fọ́ bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n.

Ká wo fíríìjì ná, torí òun ni ìfẹ́ owó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mọ́tò tó wà nínú kọ̀mpirẹ́sọ̀ rẹ̀ ní láti borí gáàsì tó ti há sínú páìpù kó tó lè yí. Agbára tí mọ́tò náà fi ń yí kì í bá fólíìtì lọ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan náà. Ó máa ń já wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí 230 bá di 150, ìdá méjì nínú mẹ́ta fólíìtì ló kù, ṣùgbọ́n agbára tí mọ́tò fi ń yí kò ní tó ìdajì mọ́. Mọ́tò á fẹ́ gbéra, kò ní lè gbéra. Ní gbogbo àsìkò tó ń tiraka yẹn, iná tó ń fà á jẹ́ ìlọ́po mélòó kan èyí tó ń fà nígbà tó bá ń yí dáadáa. Ooru á mú wáyà kọ́pà inú rẹ̀. Ohun kékeré kan tó ń ṣọ́ ọ á wá já iná fún un, á jẹ́ kó tutù, lẹ́yìn náà yóò tún gbìyànjú. Ẹni tó bá fetí sílẹ̀ lálẹ́ yóò gbọ́ ọ: fíríìjì á kùn hùùù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á dún ká, á dákẹ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan á tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti ń rí bẹ́ẹ̀ lóru lóru, ọ̀dà tí wọ́n fi bo wáyà kọ́pà náà á jó tán, kọ̀mpirẹ́sọ̀ á sì kú.

Kí ni sọ́jì ń ṣe ní gbogbo àsìkò yẹn? Kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó jẹ́ iṣẹ́ inú rẹ̀ ni farísítọ̀, nǹkan pẹlẹbẹ kan tó rí roboto bí owó ẹyọ, tí wọ́n fi èròjà síǹkì ṣe. Èyí tí wọ́n sábà máa ń lò fún iná 230 lè wà lábẹ́ fólíìtì 275 tọ̀sán-tòru láì ta pútú. Ojú àgbàrá tí èèyàn gbẹ́ sẹ́yìn ilé ni: bí òjò ò bá rọ̀, kò ní iṣẹ́ kankan. Nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólíìtì bá dé, kíá ni farísítọ̀ á ṣí ọ̀nà fún un, á darí rẹ̀ gba ojú niútírà àti wáyà ilẹ̀ lọ. Èyí tó kù tó máa kan tẹlifíṣọ̀n á ti dín kù débi tó lè fara dà á. Nítorí náà, bí iná bá wà ní 150 fún wákàtí mẹ́rin, sọ́jì ń wò ó ni. Kò ní ohun tó fi lè gbé e sókè.

Sítábíláísà ló lè gbé e sókè. Inú rẹ̀ ni tiransífọ́mà kan wà, èyí ló sọ ọ́ di ẹrù, wọ́n sì yọ wáyà jáde lára rẹ̀ ní oríṣiríṣi ojú. Ẹ̀rọ kékeré kan ń wọn iná tó ń wọlé, rílé á sì máa ti ojú kan sí òmíràn. Ìró ka-ka-ka tí àwọn èèyàn ń gbọ́ nìyẹn. Èyí tó wọ́pọ̀ á kọ ọ́ sí ara pé òun lè gba iná láti fólíìtì 140 dé 260, kí òun sì mú un jáde ní nǹkan bí 220. Ṣùgbọ́n rílé kò yára tó àrá. Kó tó rọ́nà ti ojú kan sí ìkejì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólíìtì ti wọlé, ó ti ṣe ọṣẹ́, ó ti lọ.

Ohun kan wà tí àwọn ontajà kì í sábà sọ nípa sítábíláísà. Kò dá iná sílẹ̀, ńṣe ló ń fa púpọ̀ sí i láti ojú wáyà. Éésì tó ń jẹ 1,400 wáàtì máa ń fa bí áḿpíà 6 nígbà tí iná bá wà ní 230. Bí iná bá di 150, sítábíláísà ní láti fa áḿpíà tó lé ní 9 kí éésì náà tó lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ìdí nìyí tí sítábíláísà tó ṣe wẹ́kú pẹ̀lú éésì lórí ìwé fi máa ń jó. Kí agbára tí wọ́n kọ sí ara sítábíláísà tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ohun tí éésì ń jẹ, torí ìgbà tó bá fẹ́ gbéra pàápàá, ó máa ń fà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn míì sì ní bọ́tìnì tó ń jẹ́ kí iná dúró fún ìṣẹ́jú 3 kó tó kan fíríìjì. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Àkókò yẹn ni gáàsì inú páìpù fi ń rọlẹ̀, kí mọ́tò lè gbéra láìjagun.

Ṣé gbogbo ẹ̀rọ inú ilé ló wá nílò sítábíláísà ni? Rárá. Kí èèyàn yí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n tàbí ṣájà láputópù wò. Bí wọ́n bá kọ `INPUT: 100-240V~ 50/60Hz` síbẹ̀, ẹ̀rọ náà lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú 150 fúnra rẹ̀. Owó tí èèyàn bá ná lórí sítábíláísà fún un, owó ègbé ni. Sọ́jì ló nílò, torí bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólíìtì máa ń wá. Díkódà náà rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ àrá tún máa ń gba ojú wáyà díṣì wọlé sí i, sọ́jì ara ògiri kò sì mọ nǹkan kan nípa ọ̀nà yẹn.

Ká mú ilé kan lápá Mọ́níyà ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, tó ní fíríìjì kan, tẹlifíṣọ̀n kan àti díkódà. Onílé ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láti fi wọn fólíìtì, ó sì ń wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá rí i pé 235 ni láàárọ̀, tó ń di 200 lọ́sàn-án, tó sì ń já sí 155 lálẹ́, sítábíláísà 1,000 VA ló kàn fún fíríìjì rẹ̀, kó sì ra sọ́jì gidi fún tẹlifíṣọ̀n. Aládùúgbò rẹ̀ tó wà nítòsí tiransífọ́mà, tí iná rẹ̀ kì í kúrò láàárín 220 sí 240, kò nílò sítábíláísà kankan. Sọ́jì ti tó o. Bí ìwọ̀n náà bá wá ń lọ sábẹ́ 140, sítábíláísà tó wọ́pọ̀ á kàn máa já iná ni. Ilé-iṣẹ́ iná àdúgbò ló kàn láti ké sí nígbà náà.

Sọ́jì gidi wá dà? Wíwò ara rẹ̀ ló máa fi í hàn. Èyí tó ní farísítọ̀ á kọ iye júùlù tó lè gbé, tàbí iye `kA`. Bó bá jẹ́ `13A 250V` nìkan ni wọ́n kọ, ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n lásán ni, ohun yòówù kí ontajà pè é. Farísítọ̀ máa ń gbó pẹ̀lú. Gbogbo ìgbà tó bá gba ìyá fún ẹ̀rọ ló ń jẹ nínú agbára rẹ̀. Gílóòbù kékeré ara rẹ̀ lè kú kí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì máa gbé iná bí i ti tẹ́lẹ̀, nígbà tí ààbò ti lọ. Ilé tí kò bá sì ní wáyà ilẹ̀ ti gé iṣẹ́ sọ́jì kù.

Ewu kẹta kan wà tí kò gbọ́dọ̀ fara pamọ́ sáàárín àwọn méjì yìí. Bí wáyà niútírà bá já lórí òpó, iná tó ń wọ ilé míì lè gòkè kọjá 300, kó sì dúró síbẹ̀. Àwọn gílóòbù kan á mọ́lẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, àwọn mìíràn á ṣe báìbáì. Farísítọ̀ kò lè gbé èyí: á máa gbóná títí, ó sì lè gbiná. Sítábíláísà tí kò lè já iná tó bá ga jù á jẹ́ kó kọjá sínú ẹ̀rọ. Ohun tó wà fún èyí ni fóltéèjì gáàdì, tó ń já iná pátápátá bó bá ti ga ju ibi tí wọ́n dá dúró sí lọ. Bó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí kò ní in, mẹ́ìnì ni kí wọ́n kọ́kọ́ pa, kí wọ́n tó pe oníṣẹ́ iná.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi owó fíríìjì ra sọ́jì, ẹ wọn iná ilé yín fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ojú ọ̀run bá sì ṣú tí àrá ń sán nítòsí, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì yọ wáyà díṣì lára díkódà. Kò sí sọ́jì ilé kankan tó lè dá àrá tó bá bọ́ lu ilé fúnra rẹ̀ dúró.